Nígbà Tí Fúláwà Bá Gbówó Lórí: Lẹ́tà Tí Oníbúrẹ́dì Ń Kọ sí Oníbàárà

Lẹ́tà àfikún owó ni ìwé tí ẹni tó ń ṣe ọjà fi ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé iye tí wọ́n fi ń rà á yóò yí padà láti ọjọ́ kan pàtó, nítorí pé ohun tí òun fi ń ṣe é ti gbówó lórí. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ àwọn èèyàn ni ti ilé búrẹ́dì. Oníbàárà ilé búrẹ́dì kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì náà. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́bàá ọ̀nà ni, tàbí ọ̀dọ́bìnrin tó ń ru búrẹ́dì kiri ní gáréèjì, tàbí ẹlẹ́wà àgànyìn tó ń gba ogún búrẹ́dì láràárọ̀, tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ní iye tí àwọn náà ń tà á fún ẹlòmíràn. Bí oníbúrẹ́dì bá fi ₦100 lé e, àwọn náà ní láti padà lọ ṣàlàyé fún ẹni tó ń rà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, lẹ́tà yìí kì í ṣe ìkéde lásán. Ó ní láti fún oníbàárà ní ọ̀rọ̀ tí òun náà yóò lè fi dá àwọn oníbàárà tirẹ̀ lóhùn.

Fúláwà ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Àlìkámà ni wọ́n ń lọ̀ kó tó di fúláwà, àlìkámà kì í sì í ṣe dáadáa ní ilẹ̀ Yorùbá, torí pé ó ń fẹ́ òtútù àti ọ̀gbẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá òkè ọya ni wọ́n ti ń gbìn ín ní Nàìjíríà, ní àkókò ọyẹ́, ní ìpínlẹ̀ bíi Kano, Jigawa, Kebbi àti Borno, pẹ̀lú omi tí wọ́n ń fà wọ oko. Ohun tí wọ́n ń kórè níbẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí orílẹ̀-èdè ń jẹ. Èyí tó pọ̀ jù ń ti òkè òkun wá nínú ọkọ̀ ojú omi, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á. Nígbà tó bá dé ilé ìlọ̀ tán, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń di fúláwà. Bí wọ́n bá lọ ọgọ́rùn-ún kílò àlìkámà, nǹkan bíi kílò márùndínlọ́gọ́rin ni fúláwà funfun tó ń jáde. Ìyókù jẹ́ èèpo tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran.

Nítorí èyí, ohun méjì ni oníbúrẹ́dì kò ní agbára kankan lé lórí: iye tí àlìkámà jẹ́ ní àgbáyé, àti iye náírà tó ń ra dọ́là kan. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà gbógun wọ Yukréènì. Méjèèjì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta àlìkámà jù lọ láyé, owó àlìkámà sì fò sókè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ní ọjà ìjọba kọjá ₦700 kí oṣù náà tó parí, ó sì kọjá ₦1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024. Kò sí oníbúrẹ́dì tó lè fi ọgbọ́n orí yẹra fún irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bójú mu kó kó gbogbo rẹ̀ lé oníbàárà lórí láìṣírò. Ìṣirò yìí ni ìpìlẹ̀ lẹ́tà náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí fúláwà fi ìdá mẹ́rin gbówó lórí, kí oníbúrẹ́dì náà sì fi ìdá mẹ́rin lé owó búrẹ́dì. Fúláwà kọ́ ni gbogbo búrẹ́dì. Ẹ jẹ́ ká mú ilé búrẹ́dì kékeré kan ní Ìbàdàn bí àpẹẹrẹ, ká sì fi iye tó rọrùn láti ṣírò sí i. Àpò fúláwà kan jẹ́ àádọ́ta kílò. Ilé búrẹ́dì náà ń fi omi bíi lítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n pò ó, pẹ̀lú ṣúgà kílò mẹ́fà, bọ́tà kílò méjì, ìdajì kílò yíìsì àti ìdajì kílò iyọ̀. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kílò mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni. Gírámù 700 ni wọ́n ń gé sínú pánù kọ̀ọ̀kan fún búrẹ́dì ńlá. Bí a bá yọ èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ àti èyí tó jóná kúrò, àpò kan ń fún wọn ní ọgọ́fà búrẹ́dì. Nígbà tó bá fi máa jáde nínú ààrò, omi tó gbẹ lára rẹ̀ yóò ti mú un fúyẹ́ díẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n tí wọ́n bá kọ sára náílọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ti búrẹ́dì tó ti jinná, kì í ṣe ti èyí tó wà ní tútù.

Ká ní ₦50,000 ni wọ́n ń ra àpò fúláwà. Ṣúgà tó wọ inú rẹ̀ gba ₦9,600, bọ́tà gba ₦6,000, yíìsì ₦3,000, iyọ̀ àti àwọn èròjà wẹ́wẹ́ mìíràn ₦1,400. Igi ìdáná àti iná mànàmáná gba ₦9,000, owó òṣìṣẹ́ ₦10,000, náílọ̀n ₦6,000, epo mọ́tò tó ń gbé e kiri ₦5,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, fúláwà sì kó ìdajì rẹ̀ gééré. Ọgọ́fà búrẹ́dì ní ₦950 ń mú ₦114,000 wọlé, nítorí náà èrè orí àpò kan jẹ́ ₦14,000.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń kó fúláwà wá sọ pé àpò kan ti di ₦62,000. Fúláwà ti fi ìdá mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí nìyẹn. Bí oníbúrẹ́dì bá fi ìdá yẹn kan náà lé búrẹ́dì, ₦950 yóò di nǹkan bíi ₦1,180. Ṣùgbọ́n ohun tó kún ìnáwó rẹ̀ gan-an ni ₦12,000 lórí àpò kan. Pín in sí ọgọ́fà, ₦100 ló kan búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan. ₦1,050 ni iye tuntun tó tọ́, ìyẹn àfikún tó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. ₦130 tó wà láàárín ₦1,050 àti ₦1,180 kì í ṣe ti fúláwà rárá. Bí oníbúrẹ́dì bá gbà á lábẹ́ orúkọ fúláwà, ó ti purọ́ fún oníbàárà rẹ̀. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tú, torí pé ẹni tó ń din pọfupọ́ọ̀fù ní ìkángun àdúgbò náà ń ra fúláwà, ó sì mọ iye tí àpò jẹ́.

Ní ìdà kejì, kí oníbúrẹ́dì dákẹ́ kó má fi kọ́bọ̀ lé e kì í ṣe àánú tó lè tọ́jọ́. Bí ó bá ń tà á ní ₦950 síbẹ̀, ₦114,000 yóò wọlé, ₦112,000 yóò jáde, ₦2,000 ni yóò kù lórí àpò kan. Bí ẹ̀rọ ìpo-fúláwà bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú owó nìyẹn. Ẹni tó ń jẹ ojú owó kì í tètè mọ̀, torí pé owó ṣì ń wọlé lójoojúmọ́. Àmì tó fi máa ń hàn ni iye àpò tó lè rà. Ẹni tó fi ₦1,000,000 ra ogún àpò lóṣù tó kọjá yóò rí i pé owó yẹn kò lè ra ju mẹ́rìndínlógún lọ mọ́.

Kí oníbúrẹ́dì tó kọ lẹ́tà, ọ̀nà àbùjá mélòó kan máa ń wá sí i lọ́kàn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí búrẹ́dì kéré sí i, kí iye rẹ̀ má yí padà. Kó lè rí ₦12,000 yẹn padà láìfi kún owó, ilé búrẹ́dì inú àpẹẹrẹ wa ní láti máa gé gírámù 700 wálẹ̀ sí nǹkan bíi 630. Ojú lè má tètè rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ti ń gbé búrẹ́dì yẹn lé àtẹ fún ọdún mẹ́ta yóò mọ̀ pé ó ti fúyẹ́. Bí ìwọ̀n tó wà lára náílọ̀n bá sì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ó ti di ẹ̀tàn. Bí oníbúrẹ́dì bá fẹ́ dín ìwọ̀n kù lóòótọ́, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀: kó tẹ náílọ̀n mìíràn, kó sì sọ ọ́ nínú lẹ́tà.

Ọ̀nà kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ń fi pọtásíọ̀mù bùrómétì sínú fúláwà kí búrẹ́dì lè wú, kí ìwọ̀nba fúláwà díẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó pọ̀. Àjọ NAFDAC ti fòfin dè é láti ọdún pípẹ́, torí pé àyẹ̀wò lára ẹranko fi hàn pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀nà kẹta ni fúláwà gbágùúdá, tí àwọn onímọ̀ ní IITA ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lé lórí fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ewu nínú rẹ̀, ó sì lè dín ìnáwó kù, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àlìkámà ní èròjà kan tó ń fà bíi rọ́bà, òun ló ń di atẹ́gùn mú nínú fúláwà tí wọ́n ti pò kí búrẹ́dì lè wú. Gbágùúdá kò ní irú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, búrẹ́dì ṣì máa ń dára. Bí ó bá ti ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á sì máa rún. Èyí náà jẹ́ ìyípadà tó yẹ kí oníbàárà gbọ́ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣirò ni ọ̀rọ̀ àkókò. Ìbéèrè tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni pé: fúláwà tí oníbúrẹ́dì ti rà sílẹ̀ ní iye àtijọ́ ńkọ́? Oníbàárà á ní kó fi iye àtijọ́ ta á tán. Oníbúrẹ́dì á ní owó tí òun bá rí níbẹ̀ lòun máa fi ra òmíràn ní iye tuntun. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ohun tó sì lè parí rẹ̀ ni àkókò ìkìlọ̀ tó mọ níwọ̀n. Ká ní ilé búrẹ́dì inú àpẹẹrẹ wa ń po àpò mẹ́rin lójúmọ́, ó sì ní ogún àpò nílẹ̀ ní ₦50,000. Bí ó bá fún àwọn oníbàárà ní ọjọ́ méje, àpò méjìdínlọ́gbọ̀n ni yóò pò láàárín ọjọ́ náà. Ogún àkọ́kọ́ jẹ́ ti iye àtijọ́. Mẹ́jọ tó kù jẹ́ èyí tó rà ní ₦62,000 tó sì tà bí ẹni pé ₦50,000 ló rà á. ₦96,000 ni yóò fi ṣòfò. Kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n òun ni owó tó fi ra ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ oníbàárà, ó sì dára kó mọ iye tó jẹ́ kó tó ṣèlérí. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká ọjọ́ méje lè fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí tí kò dára ni kí mọ́tò gbé búrẹ́dì dé ẹnu ọ̀nà lówùúrọ̀, kí awakọ̀ sì wá máa sọ iye tuntun níbẹ̀, nígbà tí ìyá náà ti ka iye àtijọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́.

Bí ìṣirò àti ọjọ́ bá ti dúró, lẹ́tà náà kì í gùn. Báyìí ni ti ilé búrẹ́dì inú àpẹẹrẹ wa ṣe lè rí:

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà

Sí gbogbo oníbàárà wa,

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Ẹ kú àdúrótì wa.

Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà, búrẹ́dì ńlá tí ẹ ń gbà ní ₦950 yóò di ₦1,050. Búrẹ́dì kékeré tí ẹ ń gbà ní ₦500 yóò di ₦550.

Fúláwà ló fà á. Àpò tí a rà ní ₦50,000 lóṣù tó kọjá ti di ₦62,000. Ọgọ́fà búrẹ́dì ńlá ni àpò kan ń fún wa, nítorí náà ₦100 ló gun orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦100 yẹn náà ni a fi kún un. A kò fi èrè tiwa kún un.

Búrẹ́dì kò kéré sí i, a kò sì pààrọ̀ ohunkóhun nínú ohun tí a fi ń ṣe é.

Ẹni tó bá ti sanwó sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ kẹjọ yóò gba búrẹ́dì rẹ̀ ní iye àtijọ́. Búrẹ́dì tí ẹ bá dá padà, iye tí ẹ gbà á lọ́wọ́ wa ni a óò yọ fún yín.

Iye tuntun yìí kò ní yí padà títí òpin oṣù Kẹjọ, àyàfi tí àpò fúláwà bá kọjá ₦66,000. Bí ó bá wálẹ̀ dé ₦56,000, a óò yọ ₦50 kúrò lórí búrẹ́dì ńlá.

Awakọ̀ wa kò láṣẹ láti yí iye padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó pe ọ́fíìsì wa, tàbí kó yà wá rí.

Ẹ ṣeun. Ọjà á tà o.

Olùdarí

Ìkíni ló ṣáájú níbẹ̀, torí pé kò sí Yorùbá tó ń já lu ọ̀rọ̀ owó láìkí èèyàn, ṣùgbọ́n kò ju ìlà kan lọ. Iye tuntun àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ló tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó ń kà á má baà máa wá a kiri nísàlẹ̀ ìwé. Iye àtijọ́ àti tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó kọ “a óò fi nǹkan díẹ̀ kún un” tàbí “ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún” ti gbé ìṣirò lé oníbàárà lọ́rùn, oníbàárà kọ̀ọ̀kan á sì ṣe é bó ṣe yé e.

Gbólóhùn tó lágbára jù nínú lẹ́tà náà ni èyí tó sọ iye búrẹ́dì tó wà nínú àpò kan. Òun ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù yóò tún sọ fún ẹni tó bá bínú sí i: “Ẹ̀gbọ́n, ₦12,000 ló gun àpò kan, ọgọ́fà búrẹ́dì ló wà níbẹ̀, ẹ pín in wò.” Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló kàn máa ń sọ pé “nítorí bí nǹkan ṣe rí ní orílẹ̀-èdè.” Kò sẹ́ni tí kò mọ bí nǹkan ṣe rí ní orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sọ ìdí tó fi jẹ́ ₦100, tí kì í ṣe ₦50 tàbí ₦200. Àwọn oníbúrẹ́dì kan ń bẹ̀rù láti sọ iye tí wọ́n ra fúláwà, kí oníbàárà má baà ṣírò èrè wọn. Ìbẹ̀rù yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: iye àpò fúláwà kì í ṣe àṣírí lọ́jà. Ohun tó jẹ́ àṣírí oníbúrẹ́dì ni ìnáwó rẹ̀ yòókù, lẹ́tà náà kò sì dárúkọ rẹ̀.

Gbólóhùn kan wà tí kò yẹ kó wọ inú lẹ́tà náà: “gbogbo àwa oníbúrẹ́dì ní ìlú yìí ti fẹnu kò sí iye kan.” Ó dà bí ọ̀rọ̀ tó máa fọkàn oníbàárà balẹ̀ pé kò sí ibòmíràn tó lè lọ. Ṣùgbọ́n òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀ kò fàyè gba kí àwọn tó ń bá ara wọn díje lọ́jà pàdé kí wọ́n sì jọ gé iye. Ẹni tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí lòdì sí ara rẹ̀. Òfin yìí kan náà sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú oníbàárà san ju iye tí a kọ síta fún un lọ. Nítorí náà, iye àtijọ́ tó bá ṣì wà lára ògiri, lára mọ́tò tàbí lára náílọ̀n gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ kẹjọ tó mọ́.

Ìlérí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà gba ìrònú púpọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé “bí nǹkan bá rọjú, a óò dín in kù.” Kò sí oníbàárà tó gba irú rẹ̀ gbọ́, torí kò sọ ohun tí ìrọjú jẹ́. Èyí tó wà nínú àpẹẹrẹ wa ní iye nínú: bí fúláwà bá fi ₦6,000 wálẹ̀, ₦6,000 náà tí a bá pín sí ọgọ́fà jẹ́ ₦50, òun sì ni yóò yọ. Kí ẹni tí kò lè mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ má ṣe é rárá. Ilé búrẹ́dì tó bá ra fúláwà oṣù méjì sílẹ̀ ní ₦62,000, bí àpẹẹrẹ, kò lè dín owó kù ní ọ̀sẹ̀ tí fúláwà bá wálẹ̀, ó sì yẹ kó sọ pé ó di ìgbà tí èyí tó wà nílẹ̀ bá tán.

Ohun kan tún wà tí ìṣirò orí ìwé kì í rí: ṣéńjì. Ìyá tó ń gba búrẹ́dì ní ₦950 ń tà á ní ₦1,050. Nígbà tó bá di ₦1,050 lọ́wọ́ rẹ̀, ₦1,150 ló yẹ kó tà á kí èrè ₦100 rẹ̀ lè dúró. Àmọ́ ₦50 ṣòro rí lọ́jà, tantí àti oníbàárà á sì máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn alátúntà á sọ ọ́ di ₦1,200 lẹ́ẹ̀kan. ₦100 tí oníbúrẹ́dì fi kún un ti di ₦150 nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa jẹ ẹ́, orúkọ oníbúrẹ́dì ni wọ́n á sì máa bú. Àwọn ilé búrẹ́dì kan ń kọ iye tí wọ́n rò pé ó yẹ kí alátúntà tà á sínú lẹ́tà bí ìmọ̀ràn. Ó ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dà bí àṣẹ, torí ìyá náà ló mọ owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọ̀kadà tí òun ń san.

Bí lẹ́tà yóò ṣe dé ọwọ́ oníbàárà tún jẹ́ iṣẹ́ kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gba búrẹ́dì tà kò ráyè jókòó kàwé ní aago márùn-ún ìdájí, àwọn mìíràn kò sì lè kà á. Ọ̀nà tó dára ni kí awakọ̀ gbé ìwé náà fún wọn lọ́jọ́ Ajé, kó sì ka ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀gá fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ lórí wasáàpù ní Yorùbá, kó sọ ohun kan náà gẹ́lẹ́ tó wà nínú ìwé. Àwọn oníbàárà tó ń gba púpọ̀, bí ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, yẹ fún ìpè tàbí àbẹ̀wò kí lẹ́tà tó dé. Wọ́n ti ṣètò ìnáwó wọn fún sáà kan, wọ́n sì lè bẹ̀bẹ̀ pé kí iye àtijọ́ dúró títí sáà yẹn á fi parí. Oníbúrẹ́dì lè gbà, ó lè má gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbà, kó ní ìdí tó lè sọ síta, bíi pé wọ́n ń san owó oṣù kan sílẹ̀. Àwọn tó ń gba búrẹ́dì jọ ń pàdé lọ́jà, kò sì sí ẹ̀dínwó tó pa mọ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láàárín wọn.

Nínú ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, awakọ̀ àti ẹni tó ń kọ rìsíìtì gbọ́dọ̀ gbọ́ kí oníbàárà kankan tó gbọ́. Ibi tí wàhálà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ ni kí awakọ̀ kan tà á ní ₦1,050, kí òmíràn, nítorí pé ìyá kan bẹ̀ ẹ́, tà á ní ₦1,000, kó sì fi búrẹ́dì ìjóná dí àlàfo owó náà nínú àkọsílẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé búrẹ́dì ìjóná á ṣàdédé pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ tí owó yí padà, nígbà tí ààrò kò yí padà.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, ìwé méjì ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Èkíní ni ìwé tí wọ́n ń kọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbà lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sọ òótọ́, torí pé àwọn kan á ti ra púpọ̀ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, àwọn mìíràn á sì dín in kù láti wo bí ọjà á ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló yẹ kí èèyàn wò. Ẹni tó ń gba àádọ́ta tó wá di márùnlélógójì ń tẹ̀ lé bí àwọn tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe ń rà á. Ẹni tó ń gba àádọ́ta tó wá di mẹ́wàá ti rí ilé búrẹ́dì mìíràn, ó sì yẹ kí wọ́n lọ bá a. Bí gbogbo wọn bá dín in kù pa pọ̀, ewu mìíràn ń bọ̀: owó òṣìṣẹ́ àti epo mọ́tò kì í dín kù bí àpò bá ti mẹ́rin di mẹ́ta, nítorí náà ìnáwó orí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan á tún lọ sókè, ìṣirò tó wà nínú lẹ́tà kò sì ní bá a mu mọ́.

Ìwé kejì ni ti búrẹ́dì tí wọ́n dá padà àti ti àwìn. Alátúntà tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sọ pé òun kò lè rà á. Á gbà á, á sì san ìdajì. Bí ẹni tí kì í jẹ gbèsè bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ₦5,000, ₦8,000 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ìwà rẹ̀ ló yí padà. ₦50,000 tó ń fi ṣòwò, tó ń gba búrẹ́dì méjìléláàádọ́ta tẹ́lẹ̀, kò lè gbà ju mẹ́tàdínláàádọ́ta lọ mọ́. Ohun tó ṣe oníbúrẹ́dì níwájú ẹni tó ń kó fúláwà wá ló ń ṣe òun náà níwájú oníbúrẹ́dì. Ilé búrẹ́dì tó bá rí èyí lè ní kó gba iye tí owó rẹ̀ ká láàárọ̀, kí mọ́tò sì tún yà fún un lọ́sàn-án nígbà tó bá ti ta ti àárọ̀.

Ẹ̀dà lẹ́tà náà kan máa ń wà nínú fáìlì pẹ̀lú rìsíìtì fúláwà méjèèjì, èyí tó jẹ́ ₦50,000 àti èyí tó jẹ́ ₦62,000. Bí fúláwà bá tún yí padà, ní òkè tàbí ní ìsàlẹ̀, láti orí rìsíìtì kejì yẹn ni ìṣirò lẹ́tà tó kàn yóò ti bẹ̀rẹ̀.